Ìtò Aláwẹ́ àti Ìlànà Ìyanjú: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ọ̀rọ̀ Púpọ̀ Lè Jọ Jẹ́ Òótọ́

Fọ́múlà lọ́jíìkì ni gbólóhùn tí a fi lẹ́tà àti àmì kọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan tí ó lè jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́, kò sì sí ipò kẹta láàárín méjèèjì. Àmì márùn-ún ló ń bá àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Àmì ¬ ni ìyísódì: bí E bá dúró fún "epo wà", ¬E dúró fún "epo kò sí". Àmì ∧ ni "àti", ó sì ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti ti òsì jọ jẹ́ òótọ́. Àmì ∨ ni "tàbí". Ó tó fún un kí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ òótọ́, bí méjèèjì bá sì jẹ́ òótọ́ pọ̀, kò bínú. Àmì → ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá rí bẹ́ẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó ń di irọ́ ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ tí èkejì sì jẹ́ irọ́. Àmì ↔ ní tirẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ méjì kì í yà: bí ọ̀kan bá jẹ́ òótọ́, òótọ́ ni èkejì, bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni èkejì.

Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ǹjẹ́ ọ̀nà kankan wà tí a fi lè pín òótọ́ àti irọ́ fún àwọn lẹ́tà inú fọ́múlà kan, kí odindi fọ́múlà náà lè jẹ́ òótọ́? Bí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá wà, ìbáà ṣe ẹyọ kan péré, fọ́múlà náà ṣeé mú ṣẹ. Bí kò bá sí rárá, fọ́múlà náà kò ṣeé mú ṣẹ, ìyẹn ni pé àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ta ko ara wọn. Ọ̀nà tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni kí a ya tábìlì, kí a sì dán gbogbo ìpín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́rin á mú ìlà 16 wá, ẹni tó ní sùúrù lè kọ ọ́ tán sórí ìwé pélébé kan. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà tuntun tó bá wọlé ń sọ iye ìlà di ìlọ́po méjì: lẹ́tà 10 jẹ́ ìlà 1,024, ti lẹ́tà 30 sì ju bílíọ̀nù kan lọ.

Ní ọdún 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Martin Davis àti Hilary Putnam, tẹ ọ̀nà kan jáde tí kò nílò tábìlì. Ní 1965, John Alan Robinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé òfin kan ṣoṣo tó láti ṣe iṣẹ́ tí àwọn onílọ́jíìkì ń fi òfin púpọ̀ ṣe. Rẹsolúṣọ̀nì ni wọ́n ń pe òfin náà; ìyanjú ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Robinson gbé e dé ibi tí ó lágbára ju èyí tí a ń sọ níhìn-ín lọ, níbi tí ọ̀rọ̀ bíi "gbogbo" àti "àwọn kan" ti ń wọ inú fọ́múlà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni. Òfin yìí kì í fọwọ́ kan fọ́múlà tí kò bá tíì wà ní ìtò kan pàtó. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi pín sí méjì: kí a kọ́kọ́ tún fọ́múlà tò, kí a tó yanjú rẹ̀.

Ìtò náà ni ìtò aláwẹ́. Ohun tó kéré jù nínú rẹ̀ ni ẹyọ: lẹ́tà kan lásán, tàbí lẹ́tà kan tí ìyísódì wà níwájú rẹ̀. Ẹyọ tí "tàbí" so pọ̀ di awẹ́, ẹyọ kan tó dá dúró náà sì jẹ́ awẹ́. Awẹ́ tí "àti" so pọ̀ ni odindi fọ́múlà. Nítorí náà, (I ∨ ¬J) ∧ (¬I ∨ F ∨ E) ∧ ¬F wà ní ìtò aláwẹ́, awẹ́ mẹ́ta ló sì ní. ¬(I ∧ J) kò sí nínú ìtò náà, nítorí pé ìyísódì wà níwájú àkámọ́. I ∨ (J ∧ F) náà kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé "àti" fara pamọ́ sábẹ́ "tàbí". Bí fọ́múlà bá ti wà ní ìtò yìí, a lè ka awẹ́ kọ̀ọ̀kan sí òfin tó dá dúró, tí a gbọ́dọ̀ pa gbogbo wọn mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ kan ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Fíríìjì ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí iná ìjọba bá ń wọlé tàbí bí iná jẹnẹrétọ̀ bá ń wọlé, láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣiṣẹ́. Suwíìṣì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ iná kì í jẹ́ kí méjèèjì wọlé pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò lè mú iná wá bí kò bá sí epo nínú rẹ̀. Lónìí, epo ti tán, síbẹ̀ fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Ǹjẹ́ ó di dandan pé iná ìjọba ń wọlé? Ọmọdé inú ṣọ́ọ̀bù náà mọ èsì. Ohun tó yẹ kí a wò ni bí ẹ̀rọ tí kò mọ iná, tí kò mọ epo, ṣe lè dé ibi èsì kan náà nípa pípa lẹ́tà rẹ́ nìkan. Kí I dúró fún iná ìjọba, J fún iná jẹnẹrétọ̀, F fún fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, E fún epo.

```
F ↔ (I ∨ J)
¬(I ∧ J)
J → E
¬E
F
```

Ìlà àkọ́kọ́ ló le jù, nítorí náà òun ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Àmì ↔ ni a ń kọ́kọ́ mú kúrò, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Ó di (F → (I ∨ J)) ∧ ((I ∨ J) → F). Lẹ́yìn náà ni àmì → yóò lọ. A → B kò yàtọ̀ sí ¬A ∨ B, nítorí pé méjèèjì ń di irọ́ ní ibi kan náà, ìyẹn ibi tí A ti jẹ́ òótọ́ tí B sì jẹ́ irọ́. Ìlà náà wá di (¬F ∨ I ∨ J) ∧ (¬(I ∨ J) ∨ F). Apá òsì ti di awẹ́. Apá ọ̀tún ṣì kù.

Ìyísódì tó wà níwájú àkámọ́ gbọ́dọ̀ wọlé títí yóò fi kan lẹ́tà. Òfin méjì tí a fi ń ṣe èyí ń jẹ́ orúkọ Augustus De Morgan, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. ¬(A ∨ B) di ¬A ∧ ¬B, ¬(A ∧ B) sì di ¬A ∨ ¬B. Bí ìyísódì méjì bá pàdé, wọ́n ń pa ara wọn rẹ́: ¬¬A kò ju A lọ. Apá ọ̀tún wa wá di (¬I ∧ ¬J) ∨ F. Ó ku "àti" tó wà lábẹ́ "tàbí". A ó pín F fún ẹnì kọ̀ọ̀kan inú àkámọ́: (¬I ∨ F) ∧ (¬J ∨ F). Ìlà kan ti di awẹ́ mẹ́ta.

Ìlà kejì, ¬(I ∧ J), di ¬I ∨ ¬J. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n á mú ìyísódì wọlé ṣùgbọ́n tí wọn kò ní yí àmì àárín padà, tí wọ́n á sì kọ ¬I ∧ ¬J. Ọ̀rọ̀ méjì tó jìnnà síra ni. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé iná méjèèjì kì í wọlé pọ̀. Èkejì ń sọ pé iná kankan kò wọlé rárá. Bí irú àṣìṣe yẹn bá wọ inú iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù á di ibi tí fíríìjì kò lè ṣiṣẹ́ láéláé, èsì tó bá sì jáde kò ní wúlò. Kò ṣòro láti mọ̀ ọ́n: kí a fún I ní òótọ́, kí a fún J ní irọ́, kí a sì wo ìlà àtijọ́ àti tuntun. Ìlà àtijọ́ jẹ́ òótọ́, ¬I ∧ ¬J sì jẹ́ irọ́. Ìpín kan péré tí fọ́múlà méjì kò bá ti bára mu ti tó láti fi hàn pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìlà kẹta, J → E, di ¬J ∨ E. Méjì tó kù ti jẹ́ ẹyọ. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù náà ti di awẹ́ méje:

```
1.  ¬F ∨ I ∨ J
2.  ¬I ∨ F
3.  ¬J ∨ F
4.  ¬I ∨ ¬J
5.  ¬J ∨ E
6.  ¬E
7.  F
```

Òfin ìyanjú kò gùn. Mú awẹ́ méjì tí lẹ́tà kan wà nínú ọ̀kan, tí ìyísódì lẹ́tà náà sì wà nínú èkejì. Yọ méjèèjì kúrò, kí o so ohun tó ṣẹ́ kù nínú awẹ́ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú "tàbí". Bí a bá yanjú I ∨ J àti ¬J ∨ E lórí lẹ́tà J, ohun tó kù ni I ∨ E. Kí ló fàyè gba èyí? J kò lè ṣe ju méjì lọ. Bí J bá jẹ́ irọ́, awẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ibòmíràn tó lè gbára lé ju I lọ, I á sì jẹ́ òótọ́. Bí J bá jẹ́ òótọ́, ¬J ti jẹ́ irọ́, awẹ́ kejì á gbára lé E. Ibi yòówù kí J ṣubú sí, I tàbí E gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Awẹ́ tuntun náà kò mú ohun kan wọlé tí kò ti sí nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Ó kàn sọ ọ́ síta ni.

Bí awẹ́ méjì tí a ń yanjú bá jẹ́ I àti ¬I, kò sí ohun tó máa ṣẹ́ kù. Ohun tó jáde ni awẹ́ òfìfo, tí wọ́n ń fi àmì □ kọ. Awẹ́ máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà tí ó kéré tán ẹyọ kan nínú rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́. Èyí tí kò ní ẹyọ kankan kò lè jẹ́ òótọ́ láéláé. Nítorí náà, bí awẹ́ òfìfo bá jáde láti inú àwọn awẹ́ kan, ó dájú pé àwọn awẹ́ náà kò lè jọ jẹ́ òótọ́.

Ìlànà yìí kì í béèrè tààrà pé, ṣé I jẹ́ òótọ́? Ẹ̀yìn ni ó ń gbà wọlé. A ó fi òdìkejì ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ kún àwọn awẹ́, ìyẹn ¬I, a ó sì wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ á wá ta ko ara wọn. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, kò sí ọ̀nà tí àwọn òfin ṣọ́ọ̀bù fi lè jẹ́ òótọ́ kí I sì jẹ́ irọ́, I ti di dandan nìyẹn. Iṣẹ́ náà lọ báyìí:

```
8.  ¬I         òdìkejì ohun tí a ń wá
9.  ¬J         láti 5 àti 6
10. I ∨ J      láti 1 àti 7
11. I          láti 9 àti 10
12. □          láti 8 àti 11
```

Ẹni tó bá ka ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i á rí i pé ìrònú ọmọdé inú ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Epo ti tán, nítorí náà kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀kan nínú iná méjèèjì ń wọlé. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, nítorí náà iná ìjọba ni. Ìlà 12 wá ń sọ pé ẹni tó bá jiyàn pẹ̀lú èyí ti ta ko ara rẹ̀.

Awẹ́ 2, 3 àti 4 kò kópa nínú ẹ̀rí náà. Ti suwíìṣì gan-an, tí ó jọ pé ó ṣe pàtàkì nígbà tí a ń ro ẹjọ́ náà, kò wúlò fún ìbéèrè yìí rárá. Ẹ̀rí ìyanjú máa ń fi irú nǹkan báyìí hàn kedere, nítorí pé nọ́ńbà àwọn awẹ́ tó bí awẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìdàkejì, bí a bá yọ awẹ́ 6 kúrò, tí a kò mọ̀ bóyá epo ti tán, awẹ́ òfìfo kò ní jáde mọ́. Ó lè jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́: I jẹ́ irọ́, J, E àti F jẹ́ òótọ́, gbogbo awẹ́ tó kù sì dúró ṣánṣán.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nídìí òfin yìí ni pípa lẹ́tà méjì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wo awẹ́ 10, I ∨ J, àti awẹ́ 4, ¬I ∨ ¬J. Ojú kánkán á rí I àti ¬I, á rí J àti ¬J, ọwọ́ á sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, awẹ́ òfìfo á jáde. Irọ́ ni. Awẹ́ àkọ́kọ́ ń sọ pé ọ̀kan nínú iná méjèèjì ń wọlé, èkejì ń sọ pé wọn kì í wọlé pọ̀. Kò sí ìtakora kankan níbẹ̀: kí iná ìjọba wọlé, kí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, méjèèjì ti ṣẹ. Bí a bá tẹ̀ lé òfin, tí a yanjú wọn lórí I nìkan, J ∨ ¬J ló máa jáde. Awẹ́ tí lẹ́tà àti ìyísódì rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo, kò sì sọ nǹkan kan, nítorí náà ńṣe là ń sọ ọ́ nù. Ẹnikẹ́ni tó bá rí awẹ́ òfìfo jáde láti inú awẹ́ méjì tí ọ̀kan nínú wọn ní ju ẹyọ kan lọ, kó mọ̀ pé ó ti ṣe àṣìṣe.

Ìdàkejì àṣìṣe yẹn ni kí a gbàgbé láti so ẹyọ tó jọra pọ̀. Àwọn awẹ́ mẹ́rin p ∨ q, p ∨ ¬q, ¬p ∨ q àti ¬p ∨ ¬q kò lè jọ jẹ́ òótọ́, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń lé ọ̀kan nínú ìpín mẹ́rin tó wà dànù. Bí a bá yanjú méjì àkọ́kọ́ lórí q, p ∨ p ló jáde. A gbọ́dọ̀ kà á sí p. Méjì ìkẹyìn á mú ¬p jáde lọ́nà kan náà, p àti ¬p á sì di awẹ́ òfìfo. Ẹni tí kò bá so p ∨ p pọ̀ á máa yí po lórí awẹ́ ẹlẹ́yọ méjì, kò sì ní dé òfìfo títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí awẹ́ òfìfo kò bá wá jáde ńkọ́? Iṣẹ́ náà ní òpin. Nínú awẹ́ kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè má sí, ó lè wà lásán, ó sì lè wà pẹ̀lú ìyísódì. Ọ̀nà mẹ́ta ni, nítorí náà lẹ́tà mẹ́rin kò lè bí ju awẹ́ 81 lọ, bí a bá ka òfìfo mọ́ ọn. Ìgbà kan á dé tí ìyanjú kò ní mú awẹ́ tuntun wá mọ́. Bí òfìfo kò bá sí nínú gbogbo ohun tó jáde, fọ́múlà náà ṣeé mú ṣẹ, kò sì sí iyèméjì níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le láti rí. Kí a mú àwọn lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òótọ́ tàbí irọ́, kí a sì ṣọ́ra kí awẹ́ kankan má di irọ́ pátápátá. Ká ní a dé ibi lẹ́tà x, a sì há síbẹ̀: òótọ́ ń ba awẹ́ kan jẹ́, irọ́ ń ba òmíràn jẹ́. Èyí tí irọ́ bà jẹ́ gbọ́dọ̀ ní x nínú, gbogbo ẹyọ tó kù nínú rẹ̀ á sì ti di irọ́. Èyí tí òótọ́ bà jẹ́ gbọ́dọ̀ ní ¬x nínú, gbogbo ìyókù rẹ̀ náà ti di irọ́. Ṣùgbọ́n a ti yanjú awẹ́ méjì yìí lórí x tẹ́lẹ̀, awẹ́ tó jáde láti inú wọn sì wà nínú àkójọ wa. Irọ́ ni gbogbo ẹyọ inú awẹ́ yẹn, ó sì ti bàjẹ́ kí a tó dé ibi x, bẹ́ẹ̀ a ti ní a ń ṣọ́ra. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a kò ní há síbì kankan. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, bí a bá yọ ¬I kúrò tí a sì yanjú awẹ́ méje àkọ́kọ́ tán, I, ¬J, F àti ¬E á jáde gẹ́gẹ́ bí ẹyọ tó dá dúró. Ìpín kan ṣoṣo tó mú gbogbo òfin ṣẹ nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kékeré yìí kò jẹ́ kí a rí ibi tí owó ti ń jáde. Pínpín "tàbí" sórí "àti" lè mú kí fọ́múlà wú kọjá ààlà. (p1 ∧ q1) ∨ (p2 ∧ q2) á di awẹ́ mẹ́rin, nítorí pé a gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan láti inú àkámọ́ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé ṣe. Bí àkámọ́ bá jẹ́ 20, awẹ́ á di 1,048,576, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹyọ 20 nínú. Fọ́múlà tó gba ìlà méjì lórí ìwé á wá di ohun tí kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé, ìyanjú kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wá ojútùú sí èyí ni Grigori Tseitin, onímọ̀ ìṣirò tó ń gbé ní Leningrad, nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 1968. Ó ní kí a sọ apá fọ́múlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Kí lẹ́tà tuntun a1 dúró fún (p1 ∧ q1), ìyẹn a1 ↔ (p1 ∧ q1). Awẹ́ mẹ́ta péré ni èyí bí:

```
¬a1 ∨ p1
¬a1 ∨ q1
¬p1 ∨ ¬q1 ∨ a1
```

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkámọ́ 20, awẹ́ 60 ni. Awẹ́ kan tó gùn, a1 ∨ a2 títí dé a20, á wá sọ pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òótọ́. Àpapọ̀ jẹ́ awẹ́ 61 dípò mílíọ̀nù kan àti sáà. Ohun kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé: fọ́múlà tuntun kò bá ti àtijọ́ dọ́gba, nítorí pé ó ní lẹ́tà 20 tí ti àtijọ́ kò ní. Ohun tí Tseitin ṣèlérí ni pé bí ọ̀kan bá ṣeé mú ṣẹ, èkejì náà ṣeé mú ṣẹ, bí ọ̀kan kò bá sì ṣeé mú ṣẹ, bákan náà ni èkejì. Fún ìbéèrè tí a ń béèrè, ìyẹn ti tó. Bí ìpín kan bá mú fọ́múlà tuntun ṣẹ, kí a kàn pa ojú dé sí àwọn lẹ́tà a. Ohun tó kù á mú ti àtijọ́ ṣẹ.

Lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ló ń dúró fún lẹ́tà, àmì ìyọkúrò sì ni ìyísódì. Bí F bá jẹ́ 1, I jẹ́ 2, J jẹ́ 3, E jẹ́ 4, ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ¬I di fáìlì yìí. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé lẹ́tà mẹ́rin àti awẹ́ mẹ́jọ ló wà, òdo sì ń parí awẹ́ kọ̀ọ̀kan.

```
p cnf 4 8
-1 2 3 0
-2 1 0
-3 1 0
-2 -3 0
-3 4 0
-4 0
1 0
-2 0
```

Bí a bá gbé e fún MiniSat, ètò kékeré tí Niklas Eén àti Niklas Sörensson kọ ní Sweden, ohun tó máa tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà níkẹyìn ni `UNSATISFIABLE`. Irú ètò yìí kì í yanjú gbogbo awẹ́ tó bá ṣáà ti pàdé, nítorí pé ibi ìpamọ́ á tètè kún. Ó ń fojú díwọ̀n òótọ́ tàbí irọ́ fún lẹ́tà kan, ó ń wo ohun tí ìyẹn sọ di dandan, bó bá sì kọlu ìtakora, ó ń padà sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí ti wà láti 1962, nígbà tí Davis, George Logemann àti Donald Loveland gbé e jáde. Àwọn ètò òde òní fi ohun kan kún un: nígbàkigbà tí ìtakora bá ṣẹlẹ̀, wọ́n ń fi òfin ìyanjú fa awẹ́ tuntun yọ láti inú ohun tó fa ìtakora náà, wọ́n sì ń pa á mọ́ kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ètò náà bá sọ pé fọ́múlà kan kò ṣeé mú ṣẹ, ẹ̀rí ìyanjú wà lẹ́yìn èsì rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ibẹ̀ náà ni òpin agbára rẹ̀ wà. Ká ní ẹyẹlé mẹ́rin fẹ́ wọ ihò mẹ́ta, kí ẹyẹlé kọ̀ọ̀kan ní ihò, kí méjì má sì jọ gbé inú ihò kan. Lẹ́tà kan fún ẹyẹlé àti ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà 12. Awẹ́ mẹ́rin ń sọ pé ẹyẹlé kọ̀ọ̀kan wọ ibì kan, awẹ́ 18 ń sọ pé ẹyẹlé méjì kì í bára wọn nínú ihò kan náà. Kò ṣeé ṣe, ẹni tó bá lè kà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyanjú kò mọ kíkà. Ní 1985, Armin Haken fi múlẹ̀ pé bí ẹyẹlé àti ihò ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ̀rí ìyanjú tó kúrú jù fún ọ̀rọ̀ yìí ń gùn sí i lọ́nà ìlọ́po ni. Ẹyẹlé 21 àti ihò 20 kò ju lẹ́tà 420 àti awẹ́ 4,221 lọ, fáìlì kékeré ni, síbẹ̀ ètò tó gbára lé ìyanjú lásán lè jókòó tì í fún ọjọ́ púpọ̀ láìdáhùn. Kọ̀ǹpútà tó yára sí i kò yí èyí padà, nítorí pé ẹ̀rí kúkúrú tí ì bá rí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń dín in kù ni lẹ́tà tuntun. Nínú iṣẹ́ 1968 yẹn kan náà, Tseitin gbà kí a máa dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìyanjú pẹ̀lú, kì í ṣe nígbà tí a ń tò fọ́múlà nìkan. Ní 1976, Stephen Cook lo àǹfààní yìí fún ọ̀rọ̀ ẹyẹlé, ó sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ ní gígùn tí kò ju ohun tí kọ̀ǹpútà lásán lè yẹ̀ wò lọ. Kò rọrùn fún ètò kọ̀ǹpútà láti mọ lẹ́tà tuntun wo ló yẹ kó dá sílẹ̀ tàbí ìgbà wo ló yẹ kó dá a. Ẹni tó kọ fọ́múlà ló sábà máa ń fúnra rẹ̀ fi wọ́n sí i.